Ìwé Ìdúpẹ́ Sà Àṣetiléwá

"Sà, ta ló máa máàkì í?"

Bí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kejì ṣe béèrè rẹ̀ nìyẹn, lórí ìdúró, ọwọ́ méjèèjì lórí tábìlì bí ẹni tó ń wá ohun tó máa dì mú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ìyanu ni. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà, ọwọ́ ló máa ń nà sókè, torí pé ohùn rẹ̀ kì í dé iwájú. Wúyẹ́wúyẹ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ẹni tó sì bi ní ìbéèrè yìí kì í tiẹ̀ ṣe olùkọ́ wọn. Àlejò ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ le bíi páálí, tó wá kọ́ kíláàsì kejì ní jọ́gíráfì fún pírọ́ọ̀dù kan péré, kí Pírínsípà lè fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ó mọ iṣẹ́ kó tó gbà á.

Obìnrin ni Pírínsípà, ó sì wà lẹ́yìn kíláàsì nígbà náà. Ó jókòó sórí àga ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò gbà á dáadáa, ìwé àkíyèsí rẹ̀ wà lórí itan, gíláàsì ojú rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú.

Títí di ìgbà tí aago fi lù, ohun gbogbo ti ń lọ bí omi tó rí ọ̀nà. Àlejò náà ò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Ó ní kí ọmọ kan fi ẹsẹ̀ wọn kíláàsì láti ògiri dé ògiri, kí ọmọ mìíràn tó ga jù ú lọ tún un wọ̀n. Nígbà tí iye ẹsẹ̀ wọn ò bára mu, kíláàsì dàrú. Ọmọ àkọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ ẹnì kejì òun gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹni yẹn ní kí ó lọ fi ọ̀rá pa tirẹ̀ kó lè dàgbà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó fa ìlà sójú pátákó, ó sì fi ìjà náà ṣàlàyé ìdí tí gbogbo máàpù fi gbọ́dọ̀ sọ irú ìwọ̀n tó lò. Kò sí ẹni tó sùn. Kódà ọmọ tó máa ń sùn ní ọjọ́ ìdánwò ò sùn.

Aago lù. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti dúpẹ́, kó nu pátákó, kó máa lọ. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò dúró.

"Iṣẹ́ àṣetiléwá," ó ní, ó sì ti ń kọ ọ́ sójú pátákó. "Ẹ ya máàpù ọ̀nà tí ẹ ń gbà láti ilé yín dé ibí. Ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn. Ẹ mú un wá ní pírọ́ọ̀dù tó ń bọ̀."

Ìgbà yẹn ni Wúyẹ́wúyẹ́ dìde.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ ò rí i, àlejò tó ń há oúnjẹ nílé onílé!" Ọmọbìnrin náà jókòó kíá, ó sì tẹ orí rẹ̀ mọ́ tábìlì. Àlejò dúró, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó la ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn kíláàsì, Pírínsípà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Ọkùnrin náà ò dáhùn. Kì í ṣe pé kò gbọ́. Ìbéèrè yẹn bà á níbi tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀ ni.

Láti ìgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, adelé ni. Bí olùkọ́ kan bá lọ bímọ, wọ́n á pè é. Bí òmíràn bá ṣẹ́sẹ̀, wọ́n á pè é. Á débẹ̀, á mọ orúkọ àwọn ọmọ, á mọ ẹni tó ń purọ́ pé ewúrẹ́ jẹ ìwé òun àti ẹni tí ewúrẹ́ jẹ ìwé rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí kíláàsì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, onílé á dé, adelé á sì palẹ̀ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ mọ́. Ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ti ṣe adelé, iṣẹ́ àṣetiléwá tó gbẹ̀yìn tó fún àwọn ọmọ, ẹlòmíràn ló máàkì í. Ohun tó ń wá kò ju kíláàsì kan lọ, kíláàsì tó máa jẹ́ tirẹ̀, tó máa mú láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Iṣẹ́ yìí sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é sí.

Ní ọ́fíìsì, Pírínsípà fún un ní àga tó dára ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ jìyà lórí rẹ̀ ní kíláàsì lọ. Ó bi í léèrè ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó bi í bó ṣe máa ṣe bí kíláàsì bá pọ̀ tí ìwé ò kárí, ó bi í bó ṣe ń ran ọmọ tó ń rìn lẹ́yìn lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ló dáhùn láìkọsẹ̀. Obìnrin náà tilẹ̀ mú un lọ wo yàrá jọ́gíráfì, níbi tí ayé rìbìtì kan tí wọ́n fi ń kọ́ni dá wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti já kúrò lẹ́sẹ̀.

"Ẹ wo ayé wa," ni Pírínsípà wí. "Ó ti ṣubú, kò sì tíì sẹ́ni tó gbé e dìde. Olùkọ́ tó máa mú àwọn ọmọ yìí kúrò nínú ìwé lọ sínú ọgbà ni mò ń wá."

Ọkùnrin náà rò pé ó ti tán nìyẹn. Àṣé ó ku ẹyọ kan.

"Iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn ńkọ́, ọ̀gbẹ́ni? Ṣé ẹ ti gba iṣẹ́ náà ni?"

"Ẹ má bínú mà. Ó ti mọ́ mi lára ni."

"Mo gbọ́," ni Pírínsípà wí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì lejú. Ó sìn ín dé géètì, ó ní àwọn tó kù ṣì ń bọ̀ wá kọ́ni, pé àwọn á kàn sí i.

Nílé, bàbá rẹ̀ ti ń dúró dè é. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá náà tẹ́lẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ gègé rẹ̀ kọ̀, kò fẹ̀yìn tì. Òun ló ń kọ ìwé fún gbogbo ojúlé tó wà ládùúgbò, yálà wọ́n bẹ̀ ẹ́ tàbí wọn ò bẹ̀ ẹ́.

"Báwo ló ṣe lọ?"

"Ó dára díẹ̀, Bàbá. Lẹ́yìn náà ni mo bà á jẹ́." Ó sọ gbogbo rẹ̀. "Mo fẹ́ kọ ìwé ìdúpẹ́ sí wọn, kí n fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la."

Ojú bàbá tàn bíi fìtílà. "Ìwé ìdúpẹ́! Jókòó. Mú bébà wá." Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ ìwé náà kí ọmọ rẹ̀ tó rí bébà: "Sí ọ̀dọ̀ abiyamọ tòótọ́, òpómúléró ìmọ̀, igi àràbà tí gbogbo ẹyẹ ẹ̀kọ́ ń sinmi lé lórí. Èmi ọmọ ọ̀dọ̀ yín, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja..."

"Bàbá, pírọ́ọ̀dù kan ni wọ́n fún mi. Wọn ò yọ mí nínú odò."

"Ṣé o fẹ́ iṣẹ́ àbí o ò fẹ́?"

"Mo fẹ́ ẹ. Àmọ́ ìwé ìdúpẹ́ ni mo fẹ́ kọ, kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ẹni tó ń dúpẹ́ níbi tí wọn ò tíì fún un ní nǹkan kan, kí ló ń ṣe tó ju ẹ̀bẹ̀ lọ? Àwọn àgbà sì ti wí i: ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà."

"Oore àná náà ni mo fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀, Bàbá. Èmi ò tíì dé ibi òmíràn."

Bàbá sì fi gègé sílẹ̀, ó ní ayé ti bàjẹ́. Àmọ́ kò kúrò níbẹ̀. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ń na ọrùn bíi ti adìyẹ tó rí àgbàdo nínú igbá olówó.

Ọmọ kọ̀wé. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ fún àkókò, torí ó mọ̀ pé Pírínsípà tó jókòó títí aago fi lù ti pa iṣẹ́ mìíràn tì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ kíláàsì kejì. Ó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ inú ọgbà, ó sì sọ pé iṣẹ́ náà ṣì wu òun. Kò yin ara rẹ̀, kò tún ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kà. Bébà ò tíì kún dé ìdajì.

"Fọwọ́ sí i," ni bàbá wí. "Ó kúrú bíi ìrù àgbọ̀nrín, àmọ́ kò ní àbùkù."

Ọmọ ò fọwọ́ sí i. Ó ń wo ojú fèrèsé.

"Kí ló kù?"

"Iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn."

Bàbá fò dìde. "Kí ló kàn ọ́ mọ́? Ṣé o fẹ́ rán an létí ni? Ọdún mélòó ni mo fi jókòó ní kóòtù? Kò sí agbẹjọ́rò kan tó gbọ́n tó máa dìde lẹ́yìn tí ẹjọ́ parí, kó ní, 'Olúwa mi, ẹ dákun, ẹ gbàgbé ibì kan tí mo ti ṣì í sọ.'"

"Bàbá, àwọn ọmọ yẹn á ṣe iṣẹ́ náà."

"Ọmọ ilé ẹ̀kọ́? Iṣẹ́ tí kò ní olúwa? Wọn ò ní ṣe é!"

"Bí ẹyọ kan bá ṣe é ńkọ́?"

Ọmọ gbé gègé, ó sì kọ ohun tó kù. Bí ìwé náà ṣe rí láti òkè dé ìsàlẹ̀ nìyí:

*Ẹ̀yin Pírínsípà,*

*Mo dúpẹ́ fún àkókò tí ẹ fún mi lánàá, nínú kíláàsì àti ní ọ́fíìsì yín. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì pẹ̀lú. Wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n sì jà dáadáa lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.*

*Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, pé ẹ ń wá ẹni tó máa mú àwọn ọmọ kúrò nínú ìwé lọ sínú ọgbà, kò kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ náà ṣì wù mí gan-an.*

*Ohun kan kù. Mo fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá nínú kíláàsì tí kì í ṣe tèmi. Ọmọ kan bi mí pé ta ló máa máàkì í, mi ò sì dá a lóhùn. Kò yẹ kí ọmọ ṣe iṣẹ́ lásán nítorí àṣìṣe mi. Ẹ gbà mí síṣẹ́ o, ẹ ò gbà mí o, bí ẹ bá kó o ránṣẹ́, màá máàkì í, màá sì dá a padà. Bí ìyẹn ò bá rọrùn, mo fi ìlànà ìmáàkì rẹ̀ sínú àpòòwé yìí, fún ẹnikẹ́ni tí kíláàsì náà bá bọ́ sí lọ́wọ́.*

*Ẹ ṣeun.*

Bàbá kà á, ó tún un kà. "Ìlànà ìmáàkì fún ẹni tó máa gbaṣẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́," ó ní. "O tún fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ fún olè." Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló wá àpòòwé tó mọ́ jáde, òun ló sì fahọ́n lá ẹnu rẹ̀ kó lè lẹ̀ dáadáa.

Láàárọ̀, ọkùnrin náà fi ìwé náà sílẹ̀ fún akọ̀wé Pírínsípà. Obìnrin oníwàásù kan ni, ife tíì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyànjú kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wo àpòòwé, ó wò ó lójú. "Ẹ lọ fara balẹ̀, bùrọ̀dá. Ẹni tó bá ń sáré kiri kò ní gbọ́ nígbà tí wọ́n bá pè é."

Ló bá lọ fara balẹ̀. Ìfarabalẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń gbá ojúlé tí kò dọ̀tí, ó sì ń yẹ fóònù wò bóyá ó ti kú. Bàbá ò sọ pé "ṣé mo wí i?" Kò sọ ọ́ rárá. Ó kàn ń mí kanlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìmí tó gùn ju ìwé ẹjọ́ lọ.

Nígbà tí fóònù fi máa dún, akọ̀wé náà ni. "Pírínsípà ní kí ẹ wá kó ẹrù yín."

"Ẹrù wo, mà? Mi ò gbàgbé nǹkan kan."

"Ohun tí wọ́n ní kí n sọ ni mo sọ. Ẹ wá."

Ó débẹ̀. Lórí tábìlì Pírínsípà, òkìtì bébà kan wà, òmíràn ká, òmíràn ní àbàwọ́n epo. Máàpù ni gbogbo wọn.

"Ẹ ní ẹ máa máàkì í," ni Pírínsípà wí. "Bírò pupa nìyí."

Pírínsípà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì wá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Mo ti fẹ́ pa yín tì. Nínú ìwé mi, ohun tí mo kọ ni pé ọkùnrin yìí ti fi ara rẹ̀ joyè kí wọ́n tó fi í jẹ. Ẹnì kan wà nínú àwọn tó kù tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù yín lọ, ó kọ́ wọn dáadáa, òun náà sì kọ ìwé ìdúpẹ́. Ó pè mí ní òòrùn. Ó pè mí ní òṣùpá. Mo kà á tán, mi ò rí i nínú rẹ̀ pé ó rántí ọmọ kankan." Ó gbé ìwé ọkùnrin náà sókè. "Nígbà tí tiyín dé, mo rò pé ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ fi ẹnu dídùn tún un ṣe. Mo fi í síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ pírọ́ọ̀dù jọ́gíráfì, mónítọ̀ kíláàsì kejì kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, 'Mà, ta ni ká kó o fún?' Kíláàsì tí mo máa ń lé kiri kí wọ́n tó mú iṣẹ́ wá! Mo wá tún ìwé yín kà."

Ó ní kó lọ jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́, kó máàkì í níbẹ̀. Ó máàkì í. Sí ẹni tí odò rẹ̀ gba orí òkè lọ, ó kọ pé, "Báwo ni omi yìí ṣe gun òkè? Tún un wò." Sí ẹni tó ya ajá kan tó ń ṣọ́ kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó kọ pé, "Mo fẹ́ràn ajá yìí, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ mú kó tóbi ju ilé ìwòsàn lọ." Pírínsípà wá wo díẹ̀ nínú wọn láti orí èjìká rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sínú, ó sì lọ. Kó tó dé ìdí òkìtì náà, akọ̀wé ti gbé ìwé ìgbanisíṣẹ́ wá fún un pẹ̀lú ife tíì. "Mo ní kí ẹ fara balẹ̀ àbí mi ò ní?" ló wí.

Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló fi òkìtì náà wé orúkọ inú rẹ́jísítà, bó ti máa ń ṣe níbi gbogbo. Ẹyọ kan kù. Ó lọ bá Pírínsípà ní ọ́fíìsì.

"Ṣé ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn ló ni orúkọ yìí, mà?"

"Òun ni. Ó ní òun ò ṣe é," ni Pírínsípà wí. "Ó yà mí lẹ́nu. Òun kì í ṣe ọ̀lẹ."

Bó ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Sà Àṣetiléwá, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn òbí ń fi pè é ní ìpàdé. Ó rí wáyà fi gbé ayé rìbìtì dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ó mú kíláàsì kejì lọ sínú ọgbà, ó mú wọn lọ sí kíláàsì kẹta, ó ń bá wọn gòkè ni. Bàbá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìwé ìdúpẹ́ kúkúrú ló dára jù, pé òun ló kọ́ ọmọ òun.

Wúyẹ́wúyẹ́ ò tún bi í ní nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ ò sì kúrò níbi tó wà. Ọkùnrin náà ò fipá mú un. Ó máa ń rò ó nígbà mìíràn pé ọmọ yìí ṣì ń retí èsì òun, àmọ́ kò mọ bí èèyàn ṣe ń dáhùn ìbéèrè tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó dójú ti ẹni tó bi í.

Ọjọ́ tí kíláàsì náà ṣe ìdánwò àṣejáde wọn tán, ariwo gba gbogbo ọgbà. Wọ́n ń fi bírò kọ orúkọ sára aṣọ ara wọn, mónítọ̀ àtijọ́ ń jó lórí àga. Sà Àṣetiléwá wà ní yàrá àwọn olùkọ́, ó ń di ìwé ìdánwò. Ọmọbìnrin kan dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò kàn án. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni, bébà kan tí wọ́n ti ká fún ìgbà pípẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọlé, ọmọ mi. Ṣé kò sí nǹkan kan?"

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó na bébà náà sí i. "Ẹ má bínú, sà. Ó ti pẹ́."

Sà tú u. Ìlà ibi tí wọ́n ti ká a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ilé kan, afárá kékeré kan, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó ní máṣíìnì níwájú, títí dé géètì ilé ẹ̀kọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó fi rúlà fà á. Lókè, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ kíláàsì kejì. Níbi orúkọ olùkọ́, àyè lásán ló wà.

"O ṣe é," ni ọkùnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi ti ọmọ náà.

"Mo ṣe é lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, sà. Àmọ́ wọ́n rẹ́rìn-ín, Pírínsípà sì kọ nǹkan sílẹ̀. Mo rò pé ìbéèrè mi ni kò ní jẹ́ kí ẹ ríṣẹ́. Ojú tì mí láti mú un wá. Nígbà tí ẹ wá padà dé, ó ti pẹ́." Ó wolẹ̀. "Ẹ ò sì dá mi lóhùn."

"Mi ò dá ọ lóhùn lóòótọ́. Pírínsípà ni mo dá lóhùn, nínú ìwé ìdúpẹ́ tí mo kọ sí i. Ọ̀rọ̀ rẹ ló wà níbẹ̀. Ká ní kò sí níbẹ̀ ni, bóyá ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ́ yín."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Àwọn ọmọ ń pariwo orúkọ rẹ̀ níta, àmọ́ kò yí padà.

Sà fa àga, ó jókòó, ó sì tẹ́ máàpù náà síwájú ara rẹ̀. Ó ṣí bírò pupa. Ó kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àyè tó ṣófo lókè, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tẹ̀lé ọ̀nà náà láti ẹnu ilé ọmọ náà, ó gun afárá, ó kọjá níwájú télọ̀, ó wọ géètì. Ó gbé orí sókè.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo máa máàkì í. Àmọ́ o ò fi àríwá hàn. Àríwá dà?"